Kí A Tó Ṣí Kọ̀ǹpútà: Orí Bébà Ni Síláìdì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ṣí PowerPoint láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, àpótí méjì ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ọ̀kan ní kí ó tẹ àkọlé síbẹ̀, `Click to add title`. Èkejì ní kí ó tẹ àkọlé kékeré sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fi síláìdì kejì kún un, àpótí àkọlé tún dé, àpótí ńlá kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ti fi àmì tó-tò-tó dúró de ọ̀rọ̀. Onítọ̀hún kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹ̀rọ ti mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí àti bí yóò ṣe rí. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, àwọ̀ wo ló bá àmì ilé-iṣẹ́ mu, fọ́tò wo ni kò gún régé, ni yóò gbà á lọ́kàn. Ìbéèrè tó yẹ kí ó kọ́kọ́ dáhùn, ìyẹn kí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ mi gbà, kí sì ni yóò mú wọn gbà á, yóò di ohun tí a ń sún síwájú títí ilẹ̀ ọjọ́ ìpàdé fi mọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bá àwọn ènìyàn to ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi síláìdì sọ níwájú ìgbìmọ̀, báǹkì tàbí àwọn tó ń fi owó ṣètìlẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi, mo máa ń ní kí ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ná. Bébà, máàkà tí ẹnu rẹ̀ nípọn, àti tábìlì gbọọrọ ni a ó kọ́kọ́ lò. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé ó dára kí a kọ́kọ́ ya nǹkan sórí bébà, wọ́n sì ń yà á, síbẹ̀ bébà náà kò sọ ohunkóhun fún wọn tí wọn kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe àwa oníṣẹ́ síláìdì ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Walt Disney tó ń ṣe fíìmù àwòrán ló sọ ọ́ di ọ̀nà iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Webb Smith, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó ya ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí bébà ọ̀tọ̀, tó sì kàn wọ́n mọ́ pátákó ní ìtẹ̀léra, kí gbogbo ènìyàn lè rí ìtàn náà látòkè délẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bébà tí kò wúlò, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Èyí tó yẹ kó ṣáájú, wọ́n á ṣí i síwájú. Ó di 1987 kí PowerPoint tó dé, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Forethought gbé iṣẹ́ Robert Gaskins àti Dennis Austin jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Láti ìgbà náà ni síláìdì ṣíṣe ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì jinná.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan là á yé wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá kan tó ń ṣe gàrí ní ìgbèríko Ọ̀yọ́ fẹ́ yá owó ní báǹkì. Báǹkì ní kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn fún ìṣẹ́jú 15 níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Mo ti yí iye tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀ kí àṣírí wọn má bàa tú, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyí. Ìyá Ẹgbẹ́ wá, akọ̀wé wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn ṣe ìṣirò owó náà wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Síláìdì ti wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ: ìtàn bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, fọ́tò ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, orúkọ àwọn olóyè, àǹfààní gàrí, ìpèníjà, ọ̀nà àbáyọ, ọpẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ báǹkì wà ní síláìdì tó kángun sí ìparí: owó tí wọ́n yóò fi ra ọkọ̀ akẹ́rù.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà kan ṣoṣo tí a kò ya nǹkankan sí. Gbólóhùn kan la kọ sórí rẹ̀: "Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ìgbìmọ̀ yìí gbà láti yá wa ní owó ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí pé…" Lẹ́yìn "nítorí pé" ni gbogbo wa dákẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ní nítorí pé àwọn ń jìyà. Akọ̀wé ní nítorí pé ẹ̀gẹ́ ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣirò ní nítorí pé ẹgbẹ́ náà ti dàgbà. Mo kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, n kò sì yan ọ̀kankan. Bí ènìyàn mẹ́ta tó jọ ń lọ síwájú báǹkì bá parí gbólóhùn kan náà lọ́nà mẹ́ta, a ti mọ̀ pé kò sí ẹwà síláìdì tó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà la ṣe káàdì. Bébà A4 ni mò ń lò, nítorí kò sí ibi tí a kì í ti í rí i rà. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò di ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan yóò sì gùn ní mìlímítà 105, yóò ga ní 74. Síláìdì òde òní kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 16 sí 9. Nítorí náà mo máa ń fa ìlà kan sí ara káàdì ní nǹkan bíi mìlímítà 59 láti òkè. Òkè ìlà náà ni síláìdì gan-an. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ṣẹ́ kù bíi mìlímítà 15, ni ibi tí a óò fi pẹ́ńsù kọ ibi tí ẹ̀rí ti wá sí: ìwé wo, ta ló kọ ọ́, ọwọ́ ta ló wà. Mo wá ń fi àlùmọ́gàjí gé ojú mẹ́jọ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ lójú bébà kan náà ti so wọ́n mọ́ra, kò sì ní lè ṣí èyí tó wà láàárín nípò láìjẹ́ pé ó tún gbogbo rẹ̀ yà.

Máàkà tó nípọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù. Bírò a máa jẹ́ kí ènìyàn kó ìpínrọ̀ odindi sínú káàdì, bí ó bá sì ti kó o síbẹ̀, yóò kó o sínú síláìdì pẹ̀lú. Pẹ̀lú máàkà, ìlà méjì péré ni àkọlé lè gbà kí àyè tó tán. Òfin mi lórí ìlà méjì yìí ni pé odindi gbólóhùn ni kí ó jẹ́, tó ń sọ ohun kan pàtó tí ẹlòmíràn lè sọ pé "irọ́ ni" sí. "Ìpèníjà wa" kì í ṣe gbólóhùn. Kò sẹ́ni tó lè gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. "Nínú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 8 tí a ń rà, 2 ń bàjẹ́ kí a tó ṣe é" ni gbólóhùn. Báǹkì lè ní òun kò gbà, a ó sì mọ ohun tí a óò fi hàn án. Bí gbólóhùn náà kò bá wọ ìlà méjì, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, pàápàá bí "àti" bá wà láàárín. Káàdì méjì ni kí a pín in sí.

Lábẹ́ àkọlé la ti ń ya ẹ̀rí, ìrísí rẹ̀ nìkan la sì ń yà. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi iye méjì wéra, ọ̀pá méjì tó, ọ̀kan gùn ju èkejì. Bí ó bá jẹ́ bí nǹkan ṣe ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn, àpótí kéékèèké àti ọfà ni. A kì í lo rúlà, a kì í kun ún ní àwọ̀, nítorí káàdì tí ènìyàn bá ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kì í fẹ́ jù ú nù, bébà yìí kò sì wúlò bí a kò bá lè fa ibi tí kò dára ya láìbojúwẹ̀yìn. Níbi tí a kò bá tíì ní ẹ̀rí, máàkà pupa la fi ń yí i ká. Bí a bá parí, gbogbo àmì pupa tó wà lórí tábìlì ni iṣẹ́ tó kù láti ṣe kí ọjọ́ ìpàdé tó dé.

Ibi káàdì kẹrin ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ti yí padà. Káàdì kẹta sọ pé tọ́ọ̀nù 2 ń bàjẹ́ nínú 8. Akọ̀wé kọ ìkẹrin: "Ọkọ̀ akẹ́rù ti ara wa ni yóò dá òfò yìí dúró." Ó wá ya ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ni ọkọ̀ yìí ń fi hàn. Àwòrán ọkọ̀ lè jẹ́ kí ènìyàn mọ bí ọkọ̀ ṣe rí, kò lè jẹ́ kó mọ̀ pé òfò yóò dúró. Ó pa á rẹ́, ó fẹ́ ya nǹkan mìíràn, kò mọ ohun tí yóò yà. Mo ti mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí pé káàdì tí àkọlé rẹ̀ dùn ún kà ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò yà sábẹ́ rẹ̀ yẹ ká fura sí. Lórí kọ̀ǹpútà, fọ́tò ọkọ̀ tó ń dán ni à bá fi dí àlàfo náà, à bá sì kọjá.

Mo wá bẹ Ìyá Ẹgbẹ́ pé kí ó mú ẹ̀gẹ́ kan rìn fún mi láti oko dé inú àpò. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń ya àpótí kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: hú, kó, bó, fọ̀, lọ̀, fi jáàkì fún omi rẹ̀, sẹ́, yan, dì.

"Màmá, ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ yìí, ibo ló máa ń wà nígbà tó bá bàjẹ́?"

"Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa níbẹ̀ náà ni, ọmọ mi."

"Ó ti kúrò lóko nìyẹn?"

"Ó ti kúrò lóko. Jáàkì ló ń dúró dè."

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣirò gbé orí sókè. Jáàkì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ohun tó sì lè fún lóòjọ́ kò ju tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 2 lọ. Bí wọ́n bá lọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí kò rí jáàkì yóò kan rékọjá bí àwọn oníbàárà wọn ṣe fẹ́ ẹ, nítorí náà wọn kì í lọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyẹn lọ́rọọrún, ni ọkọ̀ tí wọ́n háyà ń já tọ́ọ̀nù 8 sílẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, 2. Ọjọ́ kejì, 2. Ọjọ́ kẹta, 2. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í sì í fara dà á: láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni ìlà dúdú bí aró yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ẹran rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin yóò fi mọ́, tọ́ọ̀nù 2 tó kù ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tiwọn yóò kàn tètè kó ẹ̀gẹ́ púpọ̀ sí i wá sí ẹ̀yìn ilé tí yóò ti máa dúró de jáàkì kan náà.

A yí káàdì ọkọ̀ dojú dé. A kọ òmíràn: "Ibi kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ti ń há: ìdí jáàkì." Àpótí mẹ́sàn-án tí mo ti yà náà ló di ẹ̀rí abẹ́ rẹ̀, a sì fi máàkà kun ẹyọ kan dúdú. Owó tí wọ́n fẹ́ yá di ti jáàkì kejì lójú ẹsẹ̀, ó sì kéré púpọ̀ sí ti ọkọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ mọ gbogbo èyí tipẹ́tipẹ́. Òun ló sọ ọ́ fún wa. Inú síláìdì tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ òfò wà ní ojú ìwé kan, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì wà ní òmíràn tó jìnnà sí i, àárín wọn ni àṣìṣe wà. Ojú kọ̀ǹpútà kì í fi ju síláìdì kan hàn dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà. Orí tábìlì ni káàdì méjì ti ń fara kanra tí a fi lè béèrè bóyá èyí ló bí ìyẹn lóòótọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí `Slide Sorter` wà nínú PowerPoint? A lè to gbogbo síláìdì síbẹ̀, ká sì máa ṣí wọn nípò." Òótọ́ ni, mo sì máa ń lò ó nígbà tí síláìdì bá ti wà. Ṣùgbọ́n kí síláìdì tó dé inú rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ṣe é, bí ó bá sì ti ná wákàtí kan lórí rẹ̀, yóò wá àyè fún un ṣáá ni. Ẹnì kan ṣoṣo náà ló ń di asin kọ̀ǹpútà mú. Àwọn yòókù ń wò ó látẹ̀yìn. Ìyá Ẹgbẹ́ kì í lo kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ òun ló ṣí káàdì nípò jù lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí káàdì bá ti tò, mo máa ń ka àkọlé nìkan sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, láìka ohun tó wà lábẹ́ wọn. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà rí ni mo máa ń wá láti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, obìnrin kan tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì la pè. Iṣẹ́ tí a fún un ni pé bí káàdì kan bá tẹ̀lé òmíràn tí ìdí rẹ̀ kò yé e, kí ó dá wa dúró. Ó dá wa dúró níbi tọ́ọ̀nù 2 tó ń bàjẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ ò lè wulẹ̀ ra tọ́ọ̀nù 6 ni?"

Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ báǹkì èyíkéyìí yóò béèrè nìyẹn, kò sì sí káàdì tó dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n inú orí Ìyá Ẹgbẹ́ ló wà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 4 ló ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù gàrí 1. Nítorí náà tọ́ọ̀nù 6 tí wọ́n ń rí ṣe lọ́rọọrún ń di àpò ẹlẹ́kíló-50 ní 30. Àwọn oníbàárà wọn sì ń béèrè 40. Àpò 10 tó ń dín ni ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà lẹ́yìn ilé. A kọ káàdì tuntun: "Àpò 40 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa, 30 là ń rí fún wọn." A ya ọ̀pá méjì sí i. Nísàlẹ̀ ìlà la kọ "ìwé tí a ń kọ orúkọ oníbàárà sí", a sì fi pupa yí i ká, nítorí ìwé náà wà nílé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó ti kà á pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni akọ̀wé tó rí i gbà. A gbé káàdì náà síwájú ti òfò, gbogbo ìtàn sì gún: wọ́n ń béèrè, ẹ̀gẹ́ wà, jáàkì ni kò jẹ́.

Ó ku ibì kan tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣọ́ra fún. Nígbà tí a bá ya ìrísí ẹ̀rí kí iye tó dé, a ti sọ ohun tí a retí. Ìrànlọ́wọ́ ló jẹ́, nítorí ó ń jẹ́ ká mọ iye tí a óò wá. Ewu náà sì ni, nítorí ọwọ́ ènìyàn a máa fẹ́ fa iye tó dé bá ìrísí tó ti yà mu. Káàdì karùn-ún wa sọ pé, "Jáàkì kejì yóò sọ iṣẹ́ wa di ìlọ́po méjì: tọ́ọ̀nù 4 lóòjọ́." A ya ọ̀pá kejì ní ìlọ́po méjì èkíní, a sì fi pupa yí i ká. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ka iye agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, wọ́n rí i pé agbada àti ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò lè yan ju gàrí tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 3 lóòjọ́. Bí jáàkì bá di méjì, ìdí agbada ni iṣẹ́ yóò ti máa há.

Akọ̀wé fẹ́ kí a fi 4 sílẹ̀, ó ní báǹkì kò ní wá ka agbada. Mo fa káàdì náà ya, mo sì kọ òmíràn: "Pẹ̀lú jáàkì méjì, a ó ṣe tọ́ọ̀nù 3 lóòjọ́, 8 yóò tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta." Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ni 9, ó sì ju 8 tí wọ́n ń rà lọ. Iye tó kéré yìí ti tó fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn, agbada kò sì wọ inú owó tí wọ́n ń yá. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé bí iye bá dé tí kò bá àwòrán mu, àkọlé ni yóò yí padà. Bébà mú èyí rọrùn, nítorí káàdì kan péré la sọ nù.

Bí ètò náà ṣe rí ní ìkẹyìn nìyí. Káàdì kìn-ín-ní sọ ohun tí wọ́n fẹ́ yá àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi rà. Èkejì sọ àpò 40 àti 30. Ẹ̀kẹta sọ tọ́ọ̀nù 2 tó ń bàjẹ́ nínú 8. Ẹ̀kẹrin sọ pé ìdí jáàkì ni iṣẹ́ ti ń há. Ẹ̀karùn-ún sọ ohun tí jáàkì méjì yóò ṣe. Ẹ̀kẹfà sọ bí àpò 10 tó lé lọ́rọọrún, ìyẹn 60 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, yóò ṣe san gbèsè náà. Èkeje sọ ibi tí owó gàrí lè já wálẹ̀ dé tí wọn yóò ṣì lè máa san án. Àmì pupa wà lára káàdì kẹfà àti ìkeje fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò owó ẹ̀gẹ́, igi, ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn olóyè kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì dun Ìyá Ẹgbẹ́. Mo ní kí ó yọ káàdì ìtàn náà kúrò láàárín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó wò ó bóyá àwọn méjèèjì ṣì so mọ́ra. Wọ́n so mọ́ra. Káàdì tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó. A fi í sí àfikún tí báǹkì lè kà bí wọ́n bá béèrè irú ẹni tí àwọn ìyá náà jẹ́.

Àwọn ohun kan wà tí bébà kò lè ṣe. Kò lè sọ fún ọ bóyá tábìlì ìṣirò tó ní òpó mẹ́wàá yóò ṣeé kà láti ẹ̀yìn yàrá. Bí ọ̀rọ̀ bá dá lórí máàpù, tàbí lórí ìyàtọ̀ kékeré láàárín iye, ìrísí lásán yóò tàn ọ́ jẹ. Iye náà gan-an ni kí o tètè wá. Bí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá jìnnà síra, fọ́tò tábìlì lórí wáńsáàpù yóò jẹ́ kí wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣí i nípò, nítorí náà pẹ́ńsù ni kí o fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè sọ pé kí 5 ṣáájú 3. Bí ó bá sì jẹ́ síláìdì tí wọn yóò kà fúnra wọn láìsí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sí i, àkọlé ìlà méjì kò tó. Ètò náà ṣì wúlò, ṣùgbọ́n àlàyé gbọ́dọ̀ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí a ṣí kọ̀ǹpútà? Nígbà tí àkọlé bá ṣeé kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí tí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà kò dá wa dúró mọ́, tí àmì pupa kọ̀ọ̀kan sì ti di ẹ̀rí, tàbí tó ti ní orúkọ ẹni tí yóò wá a àti ọjọ́ tí yóò mú un dé. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní `Outline View`, níbi tí a ti ń tẹ àkọlé káàdì kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe wà gan-an, mo sì ń yan `Title Only` fún gbogbo síláìdì, kí àpótí tó-tò-tó má bàa tún wá béèrè ọ̀rọ̀ tí a kò ní. Lẹ́yìn náà la ó wá fi àwòrán tòótọ́ rọ́pò ìrísí tí a yà. Ìpele yìí kì í pẹ́ mọ́, nítorí kò sí ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ ju bí yóò ṣe mọ́ tó lójú lọ.

Iṣẹ́ kan tún kù tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe pẹ̀lú káàdì kí wọ́n tó kó wọn sínú àpòòwé. Kí wọ́n fi àmì sí mẹ́ta péré tí wọn yóò sọ bí ìgbìmọ̀ bá sọ pé ìṣẹ́jú 5 ló kù, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ṣáájú yín ti jẹ àkókò yín. Àwọn ìyá yìí mú kìn-ín-ní, ìkẹrin àti ìkẹfà: ohun tí a fẹ́, ibi tí iṣẹ́ há sí, bí owó yóò ṣe padà. Wọ́n fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà kọ́ra títí Ìyá Ẹgbẹ́ fi lè sọ wọ́n láìwo ohunkóhun. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fẹnu kò lórí mẹ́ta náà kò tíì parí iṣẹ́ orí bébà, kí wọ́n padà sídìí tábìlì.